Wọ́n ní mi ò lè fi ọjà sínú gúrúùpù mọ́: ṣé wọ́n dí mi lọ́wọ́ ni, wọ́n dá mi dúró ni, àbí wọ́n ti lé mi lọ pátápátá?

Aláṣọ_Balógun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà ní Balógun, orí ayélujára sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ti ń wá. Ẹrù tuntun dé láàárọ̀ yìí. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan, mo fi fọ́tò mẹ́rin tì í, mo wá ń lẹ̀ ẹ́ sínú gúrúùpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gúrúùpù 34 ni mo wà, mo sì ti ṣe 26 kí èyí tó yọ sójú fóònù mi:

```
You're Temporarily Blocked
It looks like you were misusing this feature by going too fast.
You've been temporarily blocked from using it.
```

Àbúrò mi ní wọ́n ti dá àkáǹtì mi dúró nìyẹn. Ọmọkùnrin kan ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì ní wọ́n ti lé mi lọ pátápátá, pé kí n mú 40,000 náírà wá, òun á bá mi gbà á padà. Bẹ́ẹ̀ mo ṣì ń rí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà ń kọ sí mi. Èwo ni ká gbà gbọ́? Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́ ta ẹrù yìí.

Ọmọ_Múṣín · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:58 àárọ̀

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n dá yín dúró ni, wákàtí 24 sì ni gbogbo ẹ̀ máa ń jẹ́. Ó ti ṣe mí rí. Mo sùn, mo jí, ó ti ṣí. Ẹ kàn yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, kí ẹ tún un gbé sí i. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn kí ẹ máa bá ọjà yín lọ, ó yá jùyẹn lọ.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:31 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí àkáǹtì mìíràn, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Péèjì ni mò ń bójú tó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, èyí tó dé bá yín yìí sì ni mo máa ń rí jù lọ.

Ẹ ò dárúkọ ìkànnì tó ṣẹlẹ̀, kò burú. Ìlànà tí Facebook kọ síta ni màá fi sọ̀rọ̀, torí ó kọ tiẹ̀ ní kedere, ọ̀pọ̀ ìkànnì tó kù sì ń ṣe ohun tó jọ ọ́.

Ẹ fi Balógun yín rò ó. Èyí tó dé bá yín, àfi bí ìgbà tí àwọn alákòóso ọjà gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ yín. Ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà ní ṣíṣí, oníbàárà ń wọlé, ẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ń gbowó. Ẹ kàn ò lè pariwo ọjà ni. Kí wọ́n dá àkáǹtì dúró yàtọ̀ sí ìyẹn. Àgádágodo ni wọ́n máa fi sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹrù yín wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò lè wọlé, ẹni tó ń kọjá ò lè rí ọjà yín, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹ wá rojọ́ kí ọjọ́ báyìí tó pé. Ìlélọ pátápátá ní tiẹ̀, wọ́n ti yọ orúkọ yín kúrò nínú ìwé ọjà, kò sí tábìlì tí ẹ fẹ́ lọ rojọ́ níwájú ẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ní kí àbúrò yín fi fóònù tirẹ̀ wá orúkọ yín. Bó bá rí yín, tó rí fọ́tò léèsì tí ẹ fi síta lóṣù tó kọjá, wọn ò dá yín dúró. Àkáǹtì tí Facebook bá dá dúró, ẹlòmíì kì í rí i, ẹni tó ni ín náà ò sì ní rí ju ojú ewé kan ṣoṣo lọ nígbà tó bá wọlé, tí wọ́n ti máa kọ ọ́ sí i pé àwọn ti dá a dúró àti iye ọjọ́ tó kù fún un láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀yin ń ka ọ̀rọ̀ oníbàárà, ẹ sì ń dá wọn lóhùn. Ọwọ́ kan ni wọ́n dì fún yín, èyí tí ẹ fi ń fi nǹkan sí gúrúùpù.

Kì í tún ṣe èèyàn ló jókòó tó dá yín lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ ló ń ka iye ìgbà tí àkáǹtì kan ṣe ohun kan láàárín àkókò kan. Ọ̀rọ̀ kan náà, fọ́tò kan náà, gúrúùpù 26 lẹ́sẹẹsẹ: bí àwọn tó ń tan ìjìbìtì kálẹ̀ ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹ̀rọ ò sì mọ̀ pé léèsì gidi lẹ̀ ń tà. Iye tí wọ́n ń kà kó tó di pé ó pọ̀ jù, Facebook kì í sọ ọ́ síta, torí bí wọ́n bá sọ ọ́, àwọn oníjìbìtì á máa dúró sí ọ̀kan dín.

Aláṣọ_Balógun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Olúwa á bùn yín láǹfààní. Àbúrò mi wò ó, ó rí mi, ó rí gbogbo fọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì kankan tí mo lè tẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní tábìlì wà tí wọ́n ti ń rojọ́, èmi ò rí i. Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti ń dán an wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bóyá ó ti ṣí. Ṣé wọ́n á máa ka èyí sí mi lọ́rùn lọ́jọ́ iwájú?

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Ẹ dáwọ́ dídán an wò dúró, àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe láti àárọ̀, òun ló lè pa yín lára jù. Ẹ̀rọ tó sọ pé ẹ ti yára jù ṣì ń wò yín, ó sì ń rí i pé ẹ ò tíì yéé ti ilẹ̀kùn. Lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi, ẹni tó bá fọwọ́ lérán, ọwọ́ ẹ̀ máa ń yọ láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá ló máa ń pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ fi sílẹ̀ títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ tó fi ẹyọ kan wò ó.

Bọ́tìnì ò sí torí pé kò sẹ́jọ́ nílẹ̀. Fúnra ẹ̀ ló ń tú sílẹ̀. Ẹ tún wá gbọ́ èyí nípa ọmọkùnrin Kọ̀ǹpútà Fílẹ́èjì yẹn: kò ní bọ́tìnì tí ẹ̀yin ò ní. Ohun tó máa bi yín ni ọ̀rọ̀ aṣínà yín àti nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí fóònù yín. Àkáǹtì á ṣí lọ́la nítorí pé àsìkò rẹ̀ tó, yóò wá sọ pé òun ló ṣe é, yóò sì ti di onílé nínú ilé yín.

Ní ti pé ṣé wọ́n ń kà á sí yín lọ́rùn, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ìyára, ẹ̀rọ ló ń mú un. Ti ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sítíráìkì: wọ́n yọ ohun kan tí ẹ fi síta kúrò nítorí ó lòdì sí ìlànà wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Meta tó ni Facebook tún ètò yẹn ṣe. Sítíráìkì àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ lásán ni. Láti ìkejì dé ìkẹfà, wọ́n lè dí ohun kan fún yín fún ìgbà díẹ̀, bíi fífi nǹkan sí gúrúùpù. Ìkeje, ọjọ́ kan gbáko ni ẹ ò ní lè fi ohunkóhun síta tàbí kọ kọ́mẹ́ǹtì. Ìkẹjọ, ọjọ́ 3. Ìkẹsàn-án, ọjọ́ 7. Ìkẹwàá, ọjọ́ 30. Sítíráìkì kọ̀ọ̀kan máa ń kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọjọ́ 30 yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí wọ́n di lọ́wọ́ fún ọjọ́ 30 ṣì ń wọlé, ó ń kàwé, àwọn èèyàn ń rí i, ọjọ́ 31 á sì tú u sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe ohunkóhun. Ẹni tí wọ́n dá dúró láàárọ̀ yìí, kódà bó bá jẹ́ wákàtí kan péré sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti le ju ti olóṣù kan lọ, torí tiẹ̀ kò ní tú fúnra ẹ̀. Gígùn àkókò kọ́ la fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé: tí mo bá jókòó tí mi ò ṣe nǹkan kan, kí ló máa ṣẹlẹ̀?

Tíṣà_ÈbúteMẹ́ta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí 2021 tí wọ́n ti Twitter pa mọ́ gbogbo wa lórí. Oṣù méje la ò fi rí i wọ̀ àfi pẹ̀lú ọgbọ́n. Ṣé àwọn ìkànnì yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ìjọba ló yẹ kí ẹ kọ̀wé sí, arábìnrin wa.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyẹn yàtọ̀, sà. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ló ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa ní dátà dí ọ̀nà Twitter, láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022. Àkáǹtì yín kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Ẹni tó bá kúrò ní Èkó lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ náà á wọlé sínú àkáǹtì rẹ̀ láìsí wàhálà. Afárá ni wọ́n dí, wọn ò ti ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ wúlò fún ìbéèrè àǹtí yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún yẹn, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ, wọ́n sì di àkáǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ fún wákàtí 12. Láàárín wákàtí yẹn, kò lè kọ nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ń kà á. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ nígbà náà pé wọ́n ti lé Ààrẹ kúrò ní Twitter. Wọn ò lé e. Ọwọ́ ni wọ́n dì.

Ìyá_Ìbejì_Òṣòdì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. WhatsApp lèmi ń lò ní tèmi, kì í ṣe ìkànnì gúrúùpù. Ọmọ mi gbé ẹ̀yà kan sórí fóònù mi tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, tó ń jẹ́ kéèyàn rí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ ti pa rẹ́. Mo gbádùn ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí i, aago kan ló wà níwájú mi tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn: wákàtí 23, ìṣẹ́jú 58, 57. Ẹ̀rù bà mí gan-an torí owó èésú wa, inú rẹ̀ ni gbogbo orúkọ wà. Aago náà parí, ó ṣí, mo sì ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ti. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí aago mọ́.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 alẹ́

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Aago yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ nígbà náà. WhatsApp kọ ọ́ síta pé áàpù tí kì í ṣe tàwọn, bíi WhatsApp Plus àti GB WhatsApp, kò tọ́, àti pé ẹni tó bá ń lò ó, àwọn lè kọ́kọ́ dí i fún ìgbà díẹ̀ kó lè ráyè kọjá sórí èyí tó jẹ́ tàwọn gan-an. Ohun tí aago ń sọ ni pé ẹ fi wákàtí wọ̀nyí pààrọ̀ áàpù. Bí aago bá parí tí ẹ ò pààrọ̀, wọ́n lè tì í láìsí aago. Ẹ gbé áàpù gidi sórí fóònù, ẹ fi nọ́ńbà yín wọlé, bí `Request a review` bá hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ni wọ́n dí, kì í ṣe fóònù, ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ fóònù kò fi ní ràn yín lọ́wọ́.

Ará_Ọbaléńdé · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Mo ń ka gbogbo ẹ̀, ọ̀gá Yàbá sì mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ìlélọ títí láé. Ẹ wo Trump. Wọ́n lé e kúrò lórí gbogbo ìkànnì ní 2021, gbogbo ẹ̀ ló padà sí. Owó àti orúkọ ló ń ṣí ilẹ̀kùn.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́rú, 9:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òdodo níbì kan, ẹ sì dà á pọ̀ níbì kan. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe ohun kan náà fún un. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 2021, Twitter sọ pé àwọn lé e lọ títí láé. Facebook ní tiẹ̀ ní àwọn dá a dúró, ṣùgbọ́n wọn ò dá ọjọ́ tó máa parí. Wọ́n gbé ẹjọ́ yẹn lọ bá Oversight Board, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ láti máa tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ yẹn sọ pé wọ́n jàre láti dá a dúró, ṣùgbọ́n wọn ò jàre láti ṣe é láìní òpin, torí irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìlànà tiwọn fúnra wọn. Kí wọ́n yan ọ̀kan: ìdádúró tó ní ọjọ́, àbí ìlélọ. Facebook wá mú ọdún méjì láti ọjọ́ 7 oṣù kìíní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Twitter tó sọ pé títí láé, ó dá a padà ní oṣù kọkànlá 2022 nígbà tí ẹni mìíràn ti ra ilé-iṣẹ́ náà.

Torí náà, "títí láé" dúró lé ìlànà ẹni tó ni ilé, ẹni tó ni ilé sì lè yí padà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta léèsì ní Balógun kò lè máa fi ìyẹn ṣe ètò ọjà rẹ̀.

Ará_Ọbaléńdé · Ọjọ́rú, 9:20 àárọ̀

Ti ìgbìmọ̀ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ṣeun. Lórí èyí tó kù, mi ò tíì gbà. Bí títí láé bá lè yí padà, kì í ṣe títí láé.

Aláṣọ_Balógun · Ọjọ́ Ẹtì, 10:35 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ìròyìn méjì ni mo mú wá, ọ̀kan dùn, ọ̀kan ò dùn.

Mo ṣe bí ọ̀gá Yàbá ṣe wí. Mi ò fọwọ́ kàn án rárá ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti ní gbogbo Ọjọ́rú. Láàárọ̀ àná, mo fi ẹyọ kan sí gúrúùpù kan, ó sì wọlé. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ka ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi níbí. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ó fi fóònù mi ṣí àkáǹtì tuntun fún mi láìsọ fún mi, ó lo orúkọ mi, ó lo fọ́tò mi, ó sì ní kí òun fi ọjà sí gúrúùpù mẹ́jọ tó kù. Gúrúùpù márùn-ún ló dé. Ọ̀rọ̀ tó jáde sórí tuntun yìí kò jọ ti tèmi rárá. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ti dá àkáǹtì náà dúró, pé àwọn èèyàn ò lè rí i, pé ọjọ́ 180 ló wà láti pe ẹjọ́. Lónìí ó ti ku 179. Bọ́tìnì `Appeal` wà níbẹ̀ gbàgàdà. Mo wá mọ ìyàtọ̀ náà báyìí, mo rí méjèèjì lórí fóònù kan ṣoṣo. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ẹtì, 11:12 àárọ̀

Ẹ kú wàhálà. Ẹ má bá ọmọ náà jà púpọ̀, ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni.

Èrò tèmi ni pé kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Facebook kò gba kí ẹnì kan ní ju àkáǹtì ẹyọ kan lọ. Láti 2023, wọ́n gbà kéèyàn ní ju orúkọ kan lọ lábẹ́ àkáǹtì kan náà, ṣùgbọ́n àkáǹtì méjì ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹ bá pe ẹjọ́, wọ́n lè ní kí ẹ ya fídíò ojú yín, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún sósì, tàbí kí ẹ fi káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́. Ojú kan náà, fóònù kan náà, orúkọ kan náà tó wà lórí àkáǹtì tó dára ni ẹ máa gbé síwájú wọn. Ẹ ò ní ohun tí ẹ fẹ́ gbà padà nínú èyí tuntun. Ẹ jáde nínú rẹ̀ lórí fóònù náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ọjọ́ 180 náà pé.

Ká ní àkáǹtì àtijọ́ yín ni wọ́n dá dúró, màá ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bí ọjọ́ bá pé tí ẹnikẹ́ni ò pe ẹjọ́, ìdádúró á di ìlélọ pátápátá fúnra ẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè ọjọ́ sí nìyẹn.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ ṣe lónìí nígbà tí ọwọ́ yín ṣì dé ibẹ̀. Péèjì ọjà yín, ta ló ní àṣẹ lórí ẹ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ fún àbúrò yín ní àṣẹ kíkún pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti tì yín mọ́ta, ẹ ò ní lè fún un mọ́. Mo ti rí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdúmọ̀tà tí péèjì rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ ọ́ nítorí pé ẹni kan ṣoṣo tó ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n dá dúró.

Ará_Ọbaléńdé · Ọjọ́ Ẹtì, 12:00 ọ̀sán

Níbi àkáǹtì kejì yìí, èmi ò bá ọ̀gá lọ. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò pe ẹjọ́ lé lórí, ó lè dà bí ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ pe ẹjọ́, ẹ sọ òtítọ́ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ṣí i.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Ẹtì, 12:09 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ti máa kọ ìtàn yẹn gan-an ni kì í sí lọ́pọ̀ ìgbà. Fídíò ojú ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba àlàyé. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé wọn ò ní so méjèèjì pọ̀ bí ẹ bá dákẹ́. Àǹtí ló máa yàn.

Aláṣọ_Balógun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Mo fi í sílẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi ti ní àṣẹ kíkún lórí péèjì. Gúrúùpù mẹ́fà péré ni mo fi ọjà sí lónìí, mo kọ ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń jẹ́ kí ó tó wákàtí kan láàárín wọn. Mo ta léèsì mọ́kànlá. Inú gúrúùpù mẹ́fà yẹn náà ni àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀ ti ń wá, àwọn 28 tó kù ni mò ń pariwo fún lásán.

Ọmọ_Múṣín · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:30 alẹ́

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi nítorí ọmọ yẹn. Èmi ni mo kọ ìmọ̀ràn tó kà.

Ọ̀gá Yàbá, mo fẹ́ bi yín nǹkan. Ti wákàtí 24 tí mo sọ, òótọ́ ni, ó ṣí fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde lórí àkáǹtì mi, ó kọ ọjọ́ 180 sí i. Mo rò pé bíi ti wákàtí 24 ni, pé ó kàn gùn jù ú lọ ni. Mo wá ń dúró. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí mi ò tẹ̀. Mo tiẹ̀ fi ọjọ́ tó máa ṣí sínú kàlẹ́ńdà. Lọ́jọ́ náà, mo wọlé, ó ní wọ́n ti pa á rẹ́, pé mi ò lè béèrè àtúnyẹ̀wò mọ́. Fọ́tò màámi tó kú ní 2019 wà nínú ẹ̀, kò sí níbòmíràn.

Péèjì_Yàbá · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:47 alẹ́

Àbúrò, ó dùn mí gan-an. Ẹjọ́ yẹn ti tán, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Wọlé lálẹ́ yìí, wo ìsàlẹ̀ ojú ewé yẹn bóyá wọ́n fi `Download your information` síbẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wà, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Bó bá wà, tẹ̀ ẹ́ kó o tó sùn, má sì dúró de dátà olówó pọ́ọ́kú ti òru. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ orúkọ àwọn tí màmá yín máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí nígbà ayé wọn sílẹ̀, kó o sì bi wọ́n. Fọ́tò tí ẹnì kan bá ti gbà sórí fóònù tirẹ̀, kò bá àkáǹtì rẹ lọ.

Ọmọ_Múṣín · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:03 alẹ́

Bọ́tìnì náà wà níbẹ̀. Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń kó wọn jọ.